Bí a ṣe ń kọ àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún fún òṣìṣẹ́ gidi tó ṣe àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo

Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe akáùńtáǹtì wa. Ilé-iṣẹ́ wa ò tóbi: a ń ta páńẹ́lì àti bátìrì sólà ní Utako níbí ní Àbújá, a sì ń lọ bá àwọn èèyàn to ẹrù wọn títí dé Kàdúná àti Kánò. Ní ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó obìnrin yìí nínú gbogbo wa. Ọdún kan náà ló san ₦6,500,000 sínú àkáǹtì olè.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò le. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá, ímeèlì kan wọlé ní orúkọ ẹni tó ń kó bátìrì wá fún wa láti Kánò, pé àwọn ti pààrọ̀ báǹkì, nọ́ḿbà àkáǹtì tuntun rèé. Ìlànà wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó yí nọ́ḿbà àkáǹtì padà, kó pe ẹni tó ni ín lórí nọ́ḿbà fóònù tó ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ímeèlì. Kò pè. Báǹkì rí ₦1,900,000 dì mú, ₦4,600,000 sì lọ ráúráú.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún rẹ̀ dé orí tábìlì mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo fà á ya lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe kọ èkejì ni mo fẹ́ sọ níbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ máa ń bá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó oṣù méjìlá jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà méjìlá sórí rẹ̀, oṣù kan sí ìlà kan. Ohun tí ẹ bá máa kọ síbẹ̀, inú àkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti mú un: ìwé gbèsè, ìwé báǹkì, ìròyìn oṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ ránṣẹ́. Ẹ má mú ohunkóhun láti orí. Orí ti gba ₦4,600,000 sínú, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn mọ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣe é yà mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ èmi ni máníjà rẹ̀. Ní oṣù kìíní, gbèsè tó ti lé ní 90 ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà jẹ́ ₦31,000,000. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ó ti kù sí ₦9,000,000, òun ló sì ń pè wọ́n, tó ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Ìwé ìṣirò oṣù kọ̀ọ̀kan tó máa ń gbà wá ní ọjọ́ 12 kó tó parí, ó ti sọ ọ́ di ọjọ́ 5. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kó máà ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ lẹ́yìn tí a bá san owó oṣù kí a tó fi í ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ń dúró dè wá. Ọdún tó ṣáájú kí ó tó dé, ẹ̀ẹ̀mẹrin la pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, a ò pẹ́ rárá.

Nínú ìlà méjìlá yẹn, ìlà kan péré ni ọ̀rọ̀ Iléyá wà. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà níwájú yín títí ẹ ó fi parí fọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1920, onímọ̀ ìrònú ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Thorndike wo bí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ń fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì. Ó rí i pé máàkì orí ohun kan ń kó bá ti òmíràn ju bó ṣe yẹ lọ: ẹni tí wọ́n bá rí bí ẹni dáadáa, gbogbo nǹkan rẹ̀ ló ń dára; ẹni tí wọn ò kà sí, kò sí èyí tó ṣe tó tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣe yín, ẹ wo ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ nípa iṣẹ́ tí kò kan àṣìṣe náà rárá. Ní tèmi, mo ti kọ "kò mójú tó nǹkan" sí abẹ́ gbígba gbèsè. Obìnrin tó gba ₦22,000,000 padà!

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tó ṣe yàtọ̀ sí ohun tó dà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́, torí ibí ló máa sọ bóyá òṣìṣẹ́ yín ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo lóòótọ́.

Iye owó tó lọ kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀bi. Ká ní ₦40,000 ló wà nínú ìwé owó ọjọ́ yẹn, ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe ò ní yàtọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí ì bá rántí rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ká sì ní báǹkì rí gbogbo owó náà dì mú, a ó máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nísinsìnyí. Nítorí náà, ẹ fi owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ wo ìwà.

Mo lọ ka iye ìgbà tí a yí nọ́ḿbà àkáǹtì padà láàárín ọdún. Ìgbà 14 ni. Nínú mẹ́tàlá, ó kọ orúkọ ẹni tó pè àti ọjọ́ tó pè é sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí ni mo pè ní àṣìṣe. Ká ní mo rí i pé ó fo ìpè ní ìgbà márùn-ún, tí olè sì wá bá a ní ọ̀kan, kì í ṣe àṣìṣe mọ́, àṣà ni, oríire ló ń bò ó láti ọjọ́ yìí. Ìtọ́sọ́nà yìí ò ní wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì má fi orúkọ "òṣìṣẹ́ gidi" bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ka á. Má-wò-ó-pẹ́ ló ń jẹ́ kí á dárí ji àṣà, kí á sì dá ẹni tó ṣèèṣì lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ta ló tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni méjì ló ń san owó: òun á kọ ọ́ wọlé, èmi á tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn, inú mọ́tò ni mo wà lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, mò ń lọ sílé fún ọdún. Ìsọfúnni dé sórí fóònù, mo rí orúkọ ẹni tí mo mọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò béèrè pé kí ló dé tí àkáǹtì náà fi jẹ́ tuntun. Ẹ̀bi tèmi rèé, ó sì gbọdọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù. Máníjà tó bá kọ àṣìṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ ti ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà mọ̀, gbogbo ọ́fíìsì sì mọ̀.

Ẹ tún wo ohun tó ṣe nígbà tó mọ̀. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ará Kánò gan-an pè pé òun ò tíì rówó. Kí aago márùn-ún ó tó lù, Ìyá Ìbejì ti pe báǹkì pé kí wọ́n dì owó náà mú, ó ti pè mí, ó sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe àwáwí. Bí kò bá yára ni, ₦1,900,000 yẹn náà ì bá lọ. Ẹni tó bá fi àṣìṣe pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó gba nǹkan lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí tó tún ṣe é lẹ́yìn ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní àyẹ̀wò ọdún. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́jọ́ òṣìṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wò ó bóyá ó ti jìyà rẹ̀ tán

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́ fún un ní kúẹ́rì. Ó dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ìdájọ́ nìyẹn, ó ti parí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọdún ni láti sọ bí ọdún ṣe rí, ìyà kejì ò sí nínú rẹ̀.

Mo sọ èyí torí ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ní kí a máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ tó lè yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù tó wá láti ọwọ́ àìbìkítà rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. A ò lọ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, mo rí i pé àwọn kan fẹ́ kí máàkì ọdún gba owó náà padà fún wọn. Ẹ ṣọ́ra fún un, pàápàá bó bá jẹ́ inú ẹ̀yin fúnra yín ló ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé àṣìṣe náà sí ojú ibi tirẹ̀

Fọ́ọ̀mù tiwa ní iṣẹ́ márùn-ún, a sì ti fi òṣùwọ̀n sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti oṣù kìíní. Gbígba gbèsè jẹ́ 30 nínú 100. Pípa ìwé oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì dé lásìkò jẹ́ 25. Ìṣọ́ owó àti títẹ̀lé ìlànà ìsanwó jẹ́ 20. Àjọṣe pẹ̀lú àwọn tó ń kó ọjà wá jẹ́ 15. Kíkọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ 10. Máàkì lọ láti 1 dé 5.

Abẹ́ ìṣọ́ owó ni ọ̀rọ̀ Iléyá wà. Ibẹ̀ nìkan. Mo fún un ní 2 níbẹ̀. N kò fún un ní 1, torí lórí fọ́ọ̀mù wa, 1 ni ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ náà rárá, ẹni tó pè nígbà mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. N kò fún un ní 3 náà, torí ìlànà wà lórí ìwé, ó mọ̀ ọ́n, owó sì lọ. Ní ìyókù, mo wo ìwé oṣù méjìlá mi: 5 fún gbèsè, 5 fún ìwé oṣù, 4 fún àjọṣe, 4 fún kíkọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀:

```
30×5 + 25×5 + 20×2 + 15×4 + 10×4 = 415
415 ÷ 100 = 4.15
```

Ẹ wá wo èyí tí mo fà ya, tí mo kọ pẹ̀lú ìbínú. Gbèsè 3, ìwé oṣù 4, ìṣọ́ owó 1, àjọṣe 3, kíkọ́ ọmọ iṣẹ́ 3. Ó jẹ́ 2.85. Ká ní àṣìṣe náà ò ṣẹlẹ̀, tí mo sì fún un ní 4 lábẹ́ ìṣọ́ owó, 4.55 ni ì bá ní. Ìyẹn ni pé àṣìṣe náà tọ́ sí kó mú 0.40 lọ, àmọ́ lọ́wọ́ mi ó ti mú 1.70 lọ. Nínú 1.70 yẹn, 1.10 wá láti ara àwọn iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ Iléyá ò dé rárá. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ẹni tiyín. Bí ohun tó sọnù ní àwọn ìlà tí kò kàn án bá ju odo lọ, ẹ padà síbẹ̀, ẹ wá ẹ̀rí tàbí kí ẹ dá máàkì náà padà.

Ohun méjì kékeré. Ẹ má yí òṣùwọ̀n padà ní oṣù kejìlá. Bí ìṣọ́ owó bá yẹ kó jẹ́ 40, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Bí fọ́ọ̀mù yín bá sì ní àyè máàkì kan ṣoṣo, ẹ pín in fúnra yín lórí ìwé lásán kí ẹ tó kọ ọ̀kan yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìpínrọ̀ kan

Ìpínrọ̀ kan ló tọ́ sí i, kó máà jẹ́ àkọ́kọ́, kó má sì jẹ́ ìkẹyìn. Ohun tí ojú kà kẹ́yìn ló ń bá èèyàn lọ sílé. Ẹ kọ ọjọ́, iye, ohun tí kò ṣe, ẹni mìíràn tó lọ́wọ́ níbẹ̀, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ohun tó ti yí padà. Kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó ń júwe ìwà èèyàn sí i. "Aláìbìkítà" kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, inú ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé: "Ó jẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n àìbìkítà rẹ̀ kó ilé-iṣẹ́ sí gbèsè ńlá." Ohun tí mo wá kọ nígbẹ̀yìn rèé:

"Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá, ó yí nọ́ḿbà àkáǹtì ẹni tó ń kó bátìrì wá padà láìpe ẹni náà. ₦6,500,000 lọ, ₦1,900,000 padà. Máníjà rẹ̀ fọwọ́ sí ìsanwó náà láìbéèrè ìdí. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó mọ̀, ó ti sọ fún báǹkì àti máníjà. Nínú ìyípadà àkáǹtì 14 lọ́dún yìí, ó pe ẹni tó ni ín nínú 13. Láti oṣù keje, gbogbo ìpè ló ní àkọsílẹ̀."

Ẹ ṣọ́ "ṣùgbọ́n" àti "àmọ́". Nínú èdè wa, ẹni tó bá gbọ́ "o ṣeun o, ṣùgbọ́n", ó ti gbàgbé "o ṣeun" náà. Ẹ fi àmì ìdádúró sí ẹ̀yìn ìyìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ náà, kí ẹ ka ìyókù. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìyókù, bíi "ó ní láti máa ṣọ́ra sí i" lábẹ́ kíkọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ pa á rẹ́. Àwọn kan wà tó ń ṣe òdì kejì: wọ́n fẹ́ràn òṣìṣẹ́ náà, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìyẹn burú bákan náà. Ìwé ìkìlọ̀ ti wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá ka fáìlì lọ́dún mẹ́ta sí i á rí ìkìlọ̀ nìkan, kò ní rí mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá, kò ní rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìjókòó

Wọ́n máa ń kọ́ wa pé ká fi ìyìn bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó wà nírú ipò yìí, mi ò gbà. Gbogbo ìyìn tí ẹ bá sọ, ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ gidi máa bọ́ sílẹ̀ ni, kò ní gbọ́ ọ̀kan. Ẹ sọ fún un ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà, ibi tó wà, àti bó ṣe máa gùn tó.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó. Wákàtí kan la ní. Ọ̀rọ̀ Iléyá á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun la ó kọ́kọ́ sọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀ fún ìyókù."

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé òun ni. Mi ò sùn lánàá."

Mo ka ìpínrọ̀ náà fún un bó ṣe wà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ "máníjà rẹ̀", ó gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ẹni tó dàgbà jù mí lọ ni. Mo dìde, mo ní kí ó jókòó, pé a ti ti ìwé kúẹ́rì láti oṣù keje, ẹ̀bẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ òní. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà jẹ àkókò ìyókù. Ìdí ni pé bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i ni àṣìṣe náà ń gùn sí i.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Kí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kò sí níbẹ̀ nígbà mẹ́tàlá yòókù?" Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é; ìyẹn á mú àwáwí tàbí omijé wá. Ó ronú díẹ̀.

"Ọmọ tó máa ń bá mi pè ti lọ sílé fún ọdún ní Ìlọrin. Owó oṣù gbogbo èèyàn wà lọ́rùn mi. Mo kọ nọ́ḿbà tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà kí n má bàa gbàgbé, mo ní n ó pè tí mo bá ṣe owó oṣù tán. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, mo rò pé mo ti pè."

Ìdáhùn yẹn tọ́ sí gbogbo ìjókòó náà. Kọ̀ǹpútà wa ń gba nọ́ḿbà tuntun kí a tó pè, ohun tó bá sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó dà bí ohun tó ti parí lójú ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Mo yí ìwé náà dà sílẹ̀, mo gbé ìwé oṣù méjìlá lé orí rẹ̀. Láti ibẹ̀, àádọ́ta ìṣẹ́jú, gbèsè la sọ: àwọn tó san, bó ṣe rí wọn mú, àwọn ₦9,000,000 tó kù. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ti oníbàárà kan tó máa ń sá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bó bá ti rí i.

Ohun kan fún àwa tó wà ní òkè Ọya níbí. Bí ẹni ẹ̀ka òṣìṣẹ́ bá wà lórí ìjókòó, tí kò sì gbọ́ Yorùbá, ẹ má fi Yorùbá sọ ìdajì ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, bó ti wù kó rọrùn tó. Ẹni tó bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ń fo òun, á rò pé ẹ ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ara ilé yín. Èmi àti Ìyá Ìbejì nìkan la jókòó ní tiwa.

Ìgbésẹ̀ keje: lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà

Níbi tí wọ́n ti ń tò máàkì gbogbo wa pọ̀, ohun tí ọ̀gá pátápátá kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé obìnrin tó sọ owó nù nìyẹn?" Ẹ má gbìyànjú láti gbèjà ìwà rẹ̀ lẹ́nu lásán. Ẹ tẹ́ ìwé oṣù méjìlá sílẹ̀, kí ẹ ka 13 nínú 14.

Ohun tí mi ò ṣe, tí mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe, ni pé kí ẹ ní: ó gba ₦22,000,000, ó sọ ₦4,600,000 nù, èrè ṣì wà. Ó dùn létí, àmọ́ gbèsè àwọn oníbàárà, owó wa ni tẹ́lẹ̀. Èyí tó sì burú jù, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé ẹni tó bá ń mú owó wọlé lè fo ìlànà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ọdún, ẹ tẹ̀lé ohun tó wà nínú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ yín. Tiwa ní kí máàkì tó 4.0, kí ìwé ìkìlọ̀ má sì ṣì wà lórí èèyàn. Ìkìlọ̀ tiwa ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Tirẹ̀ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, wọ́n sì san ẹ̀bùn ní ìparí rẹ̀. Ó gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa parí sí

Ẹ dá ọjọ́ fún un. Ohun tí a kọ fún ọdún yìí ni pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, màá fa ìwé ìsanwó márùn-ún yọ láìsọ fún un, màá wo àkọsílẹ̀ ìpè wọn. Bí ó bá mọ́ títí di òpin oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ Iléyá kò gbọdọ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ rárá. Èmi náà fọwọ́ sí i pé mi ò ní tẹ ìsanwó kankan láti inú mọ́tò.

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, àyè wà fún òṣìṣẹ́ láti kọ tirẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló kọ. Ìkẹta ni pé kí ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ̀ láti gba nọ́ḿbà àkáǹtì tuntun títí a ó fi kọ orúkọ ẹni tí a pè àti aago tí a pè é. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin náà ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀sán kan ló fi ṣe é.